Igba Ẹgbẹ̀rún Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Ní Ó Kù

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní igba ẹgbẹ̀rún náírà ṣì kù lọ́rùn mi. Orí fóònù ló ti sọ ọ́, wẹ́rẹ́, bí ẹni ń sọ pé òjò ti ṣú. Lẹ́yìn kíláàsì mi ni mo dúró sí ní Àkúrẹ́, àwọn ọmọ ilé ìwé ń pariwo nínú pápá, mo sì rò pé ariwo wọn ni kò jẹ́ kí n gbọ́rọ̀ dáadáa. Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Igba ẹgbẹ̀rún.

Kí n ti sọ èyí ná. Lójú rẹ̀, "ẹ" ni mo ń pè é. Lẹ́yìn rẹ̀, "wọn" ni. Àgbà ni, ọdún mẹ́jọ ló fi jù mí lọ, bẹ́ẹ̀ sì ni wọ́n ṣe tọ́ wa. Ṣùgbọ́n nínú ohun tí mò ń kọ yìí, "ó" ni màá máa pè é. Inú ń bí mi, mi ò sì fẹ́ purọ́ pé kò bí mi.

Ìdí tí mo fi pè é lọ́jọ́ náà ni pé mo ti san gbèsè tán. Ní ìparí oṣù kẹjọ ni mo fi èyí tó kẹ́yìn ránṣẹ́. Mo wá ń pè é láti sọ fún un pé mo ti rí àwọn òṣìṣẹ́ tó máa bá mi ro ìdí kòkó mi ní Bọ́lọ́rundúró, kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í ká a. Mo tilẹ̀ ń rẹ́rìn-ín bí mo ṣe ń tẹ nọ́ńbà rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí oko mi ṣe dé ọwọ́ rẹ̀. Nígbà tí bàbá wa kú, àwọn ẹbí pín oko kòkó tí wọ́n fi sílẹ̀ sí mẹ́rin, nítorí ọmọ mẹ́rin ni wá. Ẹ̀gbọ́n mi yìí ni àkọ́bí, èmi tẹ̀ lé e, àbúrò méjì sì wà lẹ́yìn mi, àwọn ọkùnrin méjèèjì tó ń ṣiṣẹ́ ní Èkó. Tèmi ni apá tó wà lẹ́bàá odò. Oko náà kò tóbi, ṣùgbọ́n ó ń so.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2021, onílé wa lé wa jáde. Èmi àti ọkọ mi ti ń kọ́ ilé kan díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn ìlú, ó ti dé lẹ́ńtẹ́ẹ̀lì, ó kù páànù. Owó oṣù tìṣà nígbà yẹn, ẹni tó bá ṣe iṣẹ́ ìjọba mọ̀ bó ṣe ń wá: ìdajì lónìí, ìdajì tó kù di ìgbà tí Ọlọ́run bá fẹ́. Mo lọ bá ẹ̀gbọ́n mi ní Oǹdó. Ọ̀gá ilé ìwé girama ni, ó ní oko kòkó tirẹ̀ yàtọ̀ sí ìpín tó jogún, ó sì wà nínú ìgbìmọ̀ ìjọ. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rin náírà ni mo yá.

Ó fún mi. Ṣùgbọ́n ó ní kí n fi oko mi dógò. Ó pe àbúrò bàbá wa, ẹni tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Kékeré, kí wọ́n wá ṣe ẹlẹ́rìí. Àdéhùn náà kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tó bá ti oko kòkó wá. Ẹni tó yáni lówó ló ń ká kòkó náà níwọ̀n ìgbà tí gbèsè bá ṣì wà nílẹ̀. Èso tó ń ká ni èlé owó rẹ̀, kì í yọ kọ́bọ̀ kan kúrò lára ojú owó. Ọjọ́ tí owó bá pé ni oko padà sọ́wọ́ olóko, ṣùgbọ́n owó náà gbọ́dọ̀ pé kí wọ́n tó fi ọ̀bẹ kan kòkó ọdún náà. Bí kòkó bá ti pọ́n lórí igi kí owó tó pé, ó di ẹ̀yìn ìkórè.

Mo gbà. Kò sí ìrẹ́jẹ kankan nínú ìyẹn. Kòkó kò níye lórí nígbà yẹn, èmi fúnra mi rò pé ẹ̀gbọ́n mi ló ń ṣe mí lóore. Àfi ìgbà tí owó kòkó ṣàdédé fò sókè, tí kòkó tí à ń wò bí ohun àtijọ́ di ohun tí wọ́n ń gba ọdẹ ṣọ́ lóru. Ọdún náà gan-an ni ọmọ mi obìnrin wọ yunifásítì. Mo ti sọ fún un pé kó má ṣèyọnu, kòkó màmá rẹ̀ ló máa san owó ilé ìwé rẹ̀. Mo ti sọ ọ́ tán kí n tó gbọ́ igba ẹgbẹ̀rún.

Mo padà sí ọ́fíìsì àwọn tìṣà. Mi ò kọ́ àwọn ọmọ ní nǹkan kan mọ́ lọ́jọ́ náà, mo fún wọn ní ìṣirò kí wọ́n máa ṣe, èmi náà jókòó ti ìṣirò tèmi. Mo wo gbogbo àlááàtì báńkì tó wà nínú fóònù mi. Mo kọ ọ́ sí Wásáàpù rẹ̀, òun nìkan ni mo sì fi í ránṣẹ́ sí, mi ò fi síbi tí àwọn àbúrò wa ti lè rí i, nítorí pé mo ṣì ń bo àṣírí rẹ̀. Ohun tí mo kọ nìyí:

"Bọ̀dá mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní igba ẹgbẹ̀rún ló kù. Mi ò mọ ibi tí ẹ ti rí i. ₦800,000 ni mo yá lọ́wọ́ yín ní oṣù kìn-ín-ní 2021. Bí mo ṣe san án nìyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ara balẹ̀ wò ó.

5/3/2021: ₦50,000. Tíránsífà.
27/6/2021: ₦40,000. Mo kà á lé yín lọ́wọ́ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ìyàwó yín wà níbẹ̀.
24/9/2021: ₦60,000. Tíránsífà.
17/12/2021: ₦100,000. Tíránsífà.
8/4/2022: ₦50,000. Àkáǹtì ìyàwó yín ni mo san án sí, ẹ̀yin lẹ ní kí n san án síbẹ̀.
29/7/2022: ₦100,000. Tíránsífà.
2/12/2022: ₦50,000. Tíránsífà.
31/3/2023: ₦70,000. Ìgbà tí owó ò sí nílùú. Báńkì dá a padà lẹ́ẹ̀mejì kó tó wọlé.
25/8/2023: ₦80,000. Tíránsífà.
22/12/2023: ₦100,000. Tíránsífà.
30/8/2024: ₦100,000. Tíránsífà.

Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦800,000. Èwo nínú rẹ̀ ni kò dé ọwọ́ yín? Ẹ sọ ọ́ fún mi, kí n lọ gba ìwé ẹ̀rí ní báńkì."

Nígbà tí mo kà á tán kí n tó fi ránṣẹ́, inú tún bí mi ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ohun tí mo kọ síbẹ̀ kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ohun tó wà nínú rẹ̀. Mi ò kọ ọ́ pé ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún ti oṣù kejìlá 2021, gbogbo àjọ tí mo dá lọ́dún náà ni, a ò pa adìẹ kankan lọ́dún Kérésì yẹn. Mi ò kọ ọ́ pé ìgbà tí epo bẹntiróòlù wọ́n, ẹsẹ̀ ni mo fi ń rìn lọ síbi iṣẹ́ títí mo fi kó ọgọ́rin ẹgbẹ̀rún jọ. Ti oṣù kejìlá 2023, mo ta fírísà mi. Omi tútù tí mo ń tà fún àwọn ará àdúgbò parí síbẹ̀. Ìwọ̀nyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àkáǹtì, nítorí náà mi ò kọ wọ́n. Ṣùgbọ́n wọ́n wà nínú àkáǹtì náà.

Ó ka iṣẹ́ tí mo rán. Mo rí i pé ó kà á. Kò fèsì lọ́jọ́ náà, kò fèsì lọ́jọ́ kejì. Mo ń gbé fóònù, mo ń sọ ọ́ kalẹ̀. Ọkọ mi ní kí n fi ọkàn balẹ̀, pé bóyá ó ń wo àkáǹtì tirẹ̀ náà ni. Mo kanra mọ́ ọn, èyí tí kò tọ́ sí i.

Ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi ni ẹ̀gbọ́n mi tó fèsì, lẹ́yìn tí wọ́n jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ohùn rẹ̀ ló gbà sílẹ̀ tó fi ránṣẹ́. Ohùn ọ̀gá ilé ìwé ni, tó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni dúró níwájú àwọn ọmọ lórí ìlà.

"Àbúrò mi, mo rí àkáǹtì rẹ. O ṣe é dáadáa. Gbogbo ohun tí o kọ síbẹ̀ ló dé ọwọ́ mi, mi ò jiyàn ẹyọ kan. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí o gbàgbé. Nígbà ìsìnkú ìyá wa, igba ẹgbẹ̀rún ni wọ́n bù lé ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ṣé o san án? O ò san án. Nínú owó tìrẹ tó wà lọ́wọ́ mi ni mo ti yọ ọ́, mo sì bá ọ san án. Nítorí náà, ẹgbẹ̀ta ẹgbẹ̀rún ló wọlé fún gbèsè oko. Igba ẹgbẹ̀rún ló kù. Kòkó sì ti ń pọ́n báyìí. Jẹ́ kó di ẹ̀yìn ìkórè. Ó dàárọ̀."

Ọ̀sán gangan, ó ní ó dàárọ̀.

Mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan. Mi ò lè gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì. Mo jókòó sórí àpótí nínú ilé ìdáná. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó. Ohun tí ó ṣe mí, ẹni tí kò sí níbi ìsìnkú ìyá wa kò lè mọ̀ ọ́n, nítorí náà màá sọ ọ́.

Oṣù kẹjọ 2022 ni ìyá wa kú ní Oǹdó, a sì sin wọ́n ní oṣù kẹwàá. Kò tíì pé oṣù kan tí mo ti kó ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún fún ẹ̀gbọ́n mi nígbà tí wọ́n kú. Kò sí kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi. Nígbà tí àwọn ẹbí ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú igba ẹgbẹ̀rún wá, mo pè é, mo sunkún sí i létí. Ó ní, "Má da ara rẹ láàmú. Wá sin ìyá rẹ." Ọ̀rọ̀ tó sọ nìyẹn, kò fi nǹkan kan kún un.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe ìṣirò ìnáwó, gbogbo ẹbí pé jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé bàbá wa. Bàbá Kékeré ń pe àwọn ọmọ olókùú ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń sọ ẹni tó ti san. Mo tẹrí ba. Mo ti múra sílẹ̀ de ìtìjú. Wọ́n dé orí mi, wọ́n ní, "Èyí obìnrin, òun náà ti san tirẹ̀, ó pé." Mo gbójú sókè. Ẹ̀gbọ́n mi ń wo iwájú, ó ṣe bí ẹni pé kò gbọ́. Mo ní, áà, ó ti bò mí láṣìírí.

Ṣé ẹ mọ ohun tí mo ṣe? Mo tẹ̀ lé e lọ sẹ́yìn ilé, níbi tí wọ́n ti ń fọ ìkòkò, mo kúnlẹ̀ lórí omi ọṣẹ. Mo ní, "Ẹ ṣé, Bọ̀dá mi. Ẹ ò ní fi ojú sunkún ọmọ. Olúwa á bá mi san án fún yín." Ó ní, "Dìde, dìde. Ṣé kì í ṣe ọmú kan náà la jọ mu ni?" Àwọn obìnrin tó ń fọ ìkòkò gbọ́. Wọ́n ń kí i, wọ́n ń ṣàdúrà fún un, ó ń ṣe àmín.

Wọ́n kọ́ wa nílé pé ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀, mo tún kúnlẹ̀, mo ní ẹ ṣé àná o. Nígbà tí oṣù náà parí, ọkọ mi ní ẹnu òun náà gbọ́dọ̀ débẹ̀. Ó ra isu mẹ́wàá àti kẹ́ẹ̀gì epo pupa kan, a gbé e wá láti Àkúrẹ́, ọkọ mi sì dọ̀bálẹ̀ fún àna rẹ̀ ní pálọ̀ rẹ̀, ọkùnrin tí kì í dọ̀bálẹ̀ fún èèyàn bọ̀rọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi gba isu. Ó gba epo. Ó ní kí ìyàwó rẹ̀ bá wa wá ọtí ẹlẹ́rìndòdò.

Owó mi ni. Owó mi ni mo ń dúpẹ́ fún. Ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún tí a kò fi pa adìẹ, òun ni mo tún gbé isu lọ fún!

Ìyẹn gan-an kọ́ ló sì dùn mí jù. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń gbé ara mi bí ẹni tí kò sin ìyá rẹ̀. Nígbà tí a ṣe ìrántí ọdún kan, tí àwọn àbúrò mi ń yàwòrán lẹ́bàá sàréè, ẹ̀yìn wọn ni mo fi ara pamọ́ sí. Mo rò pé wọ́n ní ẹ̀tọ́ láti dúró síwájú. Bí ẹnikẹ́ni bá yin bí ìsìnkú ìyá wa ṣe lọ, mo máa ń dákẹ́, mo máa ń ní lọ́kàn mi pé ẹlòmíràn ló sin wọ́n fún ọ. Ìyá tó gbé mi pọ̀n, tó ń fi ẹsẹ̀ rìn wá láti oko kí n lè ní bàtà ilé ìwé. Ọdún méjì ni mo fi gbé ìtìjú yẹn káàkiri, ẹ̀gbọ́n mi sì mọ̀, ó ń wò mí.

Mi ò fèsì sí ohùn rẹ̀. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ní ọjọ́ Sátidé, mo wọ ọkọ̀ láti Àkúrẹ́ lọ sí Oǹdó. Mo ti pe Bàbá Kékeré pé mò ń bọ̀, pé kí wọ́n bá mi pe ẹ̀gbọ́n mi sílé. Wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ojú wọn kò ríran dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n etí wọn mú, wọ́n sì rántí gbogbo àdéhùn tó ti ṣẹlẹ̀ níṣojú wọn.

Ẹ̀gbọ́n mi wá pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀. Ó wọ aṣọ funfun. Ó kí mi, mo kúnlẹ̀ kí i, nítorí pé mi ò ní jẹ́ kó rí ọ̀nà sá gbà pé àìmọ̀wàáhù ló gbé mi wá.

Mo ka iṣẹ́ tí mo rán sí ẹ̀gbọ́n mi sétí Bàbá Kékeré láti inú fóònù, ọjọ́ kọ̀ọ̀kan àti iye kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ń mi orí. Nígbà tí mo kà á tán, wọ́n yíjú sí ẹ̀gbọ́n mi.

"Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Ṣùgbọ́n mo yọ owó ìsìnkú kúrò níbẹ̀."

"O sọ fún un pé o yọ ọ́?"

"Bàbá, ta ni kò mọ̀? Ó mọ̀ pé òun ò mú owó wá. Ẹ̀yin náà kéde pé ó ti san. Ibo ló rò pé ó ti wá?"

Mo ní, "Ọ̀dọ̀ yín ni mo rò pé ó ti wá! Mo kúnlẹ̀ fún yín, Bọ̀dá. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kúnlẹ̀. Ọkọ mi dọ̀bálẹ̀. Ẹ ò lanu kẹ́ ẹ ní, àbúrò, dìde, owó rẹ ni. Ká ní ẹ sọ ọ́, mi ò bá ti yá owó nínú àjẹṣẹ́kù níléeṣẹ́ wa, mi ò bá ti dí àlàfo náà láti ọdún tó kọjá. Ẹ dákẹ́ títí kòkó fi pọ́n. Ìgbà tí kòkó di owó lẹ tó rántí ìsìnkú."

"Má pariwo mọ́ mi," ó ní.

"Mi ò tíì pariwo."

Ìyàwó rẹ̀ ní kí n rọra, pé ẹ̀gbọ́n mi ni. Mi ò wo ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Bàbá Kékeré gbé ọwọ́ sókè. Wọ́n ní, "Èmi ni mo ṣe ẹlẹ́rìí oko, èmi náà ni mo kéde owó ìsìnkú. Ẹ gbọ́ mi. Ọ̀nà méjì ló wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, a ò lè rin méjèèjì pọ̀." Wọ́n kọjú sí ẹ̀gbọ́n mi. "Bí ó bá jẹ́ pé ìwọ lo san owó náà fún un, o fi ta á lọ́rẹ nìyẹn. Ó dúpẹ́, o gba ọpẹ́. A kì í gba ọpẹ́ tán ká tún padà wá béèrè owó. Ẹgbẹ̀rin ẹgbẹ̀rún pé, oko rẹ̀ padà sọ́wọ́ rẹ̀ lónìí, kó lọ ká kòkó rẹ̀."

Lẹ́yìn náà, wọ́n kọjú sí ibi tí ohùn mi ti ń wá. "Bí ó bá sì jẹ́ pé owó tìrẹ ni, ìwọ lo sin ìyá rẹ, kò sẹ́ni tó lè gbà á lọ́wọ́ rẹ. Ṣùgbọ́n owó kan kì í ṣe iṣẹ́ méjì. Igba ẹgbẹ̀rún kù nílẹ̀ lórí oko, kòkó sì ti pọ́n. Ó di ẹ̀yìn ìkórè."

Ẹ̀gbọ́n mi kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ tutù. Mo rí i bó ṣe ń rò ó: àwọn ẹbí máa gbọ́, ìjọ máa gbọ́ pé ó gba ọpẹ́ lórí owó olówó. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó na ọwọ́ méjèèjì. "Bàbá, kò le tó bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ ọrẹ. Mo fi ta á lọ́rẹ. Kó máa ká kòkó rẹ̀ lọ. Ta ni mo ní bí kò ṣe àbúrò mi?"

"Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun," ni ìyàwó rẹ̀ ń wí. Ó fi ọwọ́ kàn mí léjìká. "Ó yá, dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ."

Gbogbo wọn ń wò mí. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ kò pọ̀, orúnkún méjì sílẹ̀ àti ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu. Oko mi á padà sọ́wọ́ mi, owó ilé ìwé ọmọ mi á wà, á sì tún ṣẹ́ kù. Mo ro ti ọmọ mi, Ọlọ́run mọ̀ pé mo rò ó. Mo sì wo ẹ̀gbọ́n mi tó ti sún síwájú díẹ̀ lórí àga, tó ti múra àtigba ọpẹ́.

Mo ní, "Rárá. Owó mi ni."

Bàbá Kékeré ní, "Ṣé o mọ ohun tí o ń sọ? Kòkó ọdún yìí kì í ṣe kòkó àná."

"Mo mọ̀, Bàbá. Kó máa ká a. Lẹ́yìn ìkórè, màá kó igba ẹgbẹ̀rún rẹ̀ wá, màá gba oko mi. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó fi ìsìnkú ìyá mi ta mí lọ́rẹ. Èmi ni mo sin wọ́n."

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ìbínú ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀, Bàbá. Ó máa kábàámọ̀."

"Ó ti yàn," ni Bàbá Kékeré dá a lóhùn. Wọ́n kọjú sí i, wọ́n ní, "Ìwọ ni àkọ́bí. Kí ló yẹ kí o sọ fún ọmọ tó bá ọ sin ìyá rẹ?"

Ẹ̀gbọ́n mi wo ilẹ̀. Ó wo ìyàwó rẹ̀. Mo dúró. N kò ní sún kúrò níbẹ̀ títí tó fi máa sọ ọ́.

"O kú ìnáwó," ó ní.

Mo kí Bàbá Kékeré pé ó dàbọ̀, mo gbé báàgì mi, mo sì lọ wá ọkọ̀ Àkúrẹ́.